Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Àkànṣe: Ọ̀rọ̀ Mẹ́ta fún Pátákó Ọdún ní Àjàṣẹ́

Iṣẹ́ tí mo ń kọ nípa rẹ̀ yìí jẹ́ ti ilé iṣẹ́ kékeré kan níbí ní Àjàṣẹ́, tó ń fún omi ọ̀pẹ̀ òyìnbó sínú ìgò fún títà. Wọ́n fẹ́ pátákó ìpolówó kan tó fẹ̀ ní mítà 4, tó sì ga ní mítà 3, sí etí títì tó ti Kùtọnú wọ ìlú, wọ́n sì fẹ́ bánà gígùn kan tí a óò so kọjá lórí ọ̀nà nítòsí ọjà Wándo, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 6, tí gíga rẹ̀ sì jẹ́ mítà 1. Méjèèjì ní láti wà níta láti àárín oṣù Ọ̀pẹ̀, kí wọ́n kọjá Kérésìmesì àti ọdún tuntun, títí di ẹ̀yìn ọjọ́ 10 oṣù kìíní, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ ọdún àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ní ti àṣẹ, ilé iṣẹ́ náà fúnra wọn ló lọ gbà á ní mẹ́ríì, n kò sì ní sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ mọ́.

Gbólóhùn tí wọ́n kọ fún mi nìyí: «Ní àkókò ọdún yìí, ẹ fi omi ọ̀pẹ̀ òyìnbó wa ṣe àwọn àlejò yín lálejò pẹ̀lú ìdùnnú.» Kò sí àléébù nínú rẹ̀ bí Yorùbá. Bí a bá sọ ọ́ lórí rédíò, ó máa dùn ún gbọ́. Pátákó nìkan ni kò lè gbà á, ìdí rẹ̀ sì ṣeé fi ìwọ̀n hàn, nítorí náà ni mo ṣe kọ́kọ́ jókòó ti ìwọ̀n kí n tó wá ọ̀rọ̀ kankan.

Òdiwọ̀n tí àwa oníṣẹ́ pátákó ń tẹ̀ lé ni pé, fún sẹ̀ńtímítà kọ̀ọ̀kan tí lẹ́tà bá ga, ẹni tó ń kọjá yóò rí i kà láìfi ojú ṣiṣẹ́ láti nǹkan bíi mítà 1.2. Ẹni tí ojú rẹ̀ dá ṣáṣá lè kà á láti ibi tó jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta bó bá dúró tó sì tẹjú mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lórí zẹ́mì kì í dúró, ó sì ní ọkọ̀ ńlá níwájú àti ihò lójú títì tó gbọ́dọ̀ máa ṣọ́. Zẹ́mì tó bá ń sáré 40 kìlómítà láàárín wákàtí kan ń kọjá mítà 11 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Lẹ́tà ńlá tó sì nípọn máa ń fẹ̀ tó ìdá méje nínú mẹ́wàá gíga rẹ̀, bí a bá ka àlàfo tó wà láàárín òun àti èkejì rẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé gbólóhùn wọn lé orí òdiwọ̀n yìí. Ọ̀rọ̀ 17 ni, lẹ́tà 61. Bí a bá fi àyè sílẹ̀ fún àwòrán ìgò ní apá ọ̀tún, nǹkan bíi mítà 2.8 ló kù fún ọ̀rọ̀ ní ìbú pátákó náà. Bí a bá pín lẹ́tà 61 sí ìlà mẹ́rin, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kò lè ga ju sẹ̀ńtímítà 23 lọ, èyí tó túmọ̀ sí pé láti mítà 27 péré ni ènìyàn yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Mítà 27 kò ju ìṣẹ́jú àáyá méjì ààbọ̀ lọ fún oní-zẹ́mì. Kò sí ẹni tó lè ka ọ̀rọ̀ 17 láàárín àkókò yẹn, kó tún wo ìgò, kó sì tún mọ orúkọ ẹni tó ń tà á. Nígbà tí mo fi ìṣirò yìí han ẹni tó ni ilé iṣẹ́ náà, kò bá mi jiyàn mọ́ lórí gígùn gbólóhùn. Ohun tó bi mí ni pé ọ̀rọ̀ mélòó ni pátákó lè gbà. Mo ní kó jẹ́ mẹ́ta, kí lẹ́tà má sì ju mẹ́wàá lọ.

Wọ́n tún fẹ́ nọ́ńbà tẹlifóònù sí i. Láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024 tí wọ́n ti fi 01 kún iwájú nọ́ńbà ní Bẹ̀nẹ̀, nọ́ńbà kan ti di díjíìtì 10, èyí tó tó gbogbo iye lẹ́tà tí mo fẹ́ fi ṣe àkọlé. Ẹni tó wà lórí ìrìn kò ní ọwọ́ tí yóò fi kọ ọ́ sílẹ̀, kò sì ní há a sórí kó tó dé Wándo. A gbà pé kó wà lára ìgò àti ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, níbi tí ènìyàn ti lè dúró kà á.

Àkọlé àkọ́kọ́ tí gbogbo ènìyàn máa ń mú wá ni «Ẹ kú ọdún». Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo àmì ilé iṣẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀, nítorí bí mo ṣe máa ń dán àkọlé wò nìyẹn. Bí ọwọ́ bá bo àmì, tí àkọlé sì lè jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tẹlifóònù, ti báńkì tàbí ti alásọ, a jẹ́ pé oníbàárà mi yóò san owó pátákó kí àwọn ẹlòmíràn lè jẹ èrè rẹ̀. Nínú oṣù Ọ̀pẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ń kí ènìyàn kú ọdún ní gbogbo oríta, pátákó wọn sì pọ̀ ju tiwa lọ, nítorí náà ẹni tó bá rí «Ẹ kú ọdún» wa yóò rò pé tiwọn ni. «Ọdún á yabo» wù mí gan-an, àdúrà gidi ni, àwọn àgbà Àjàṣẹ́ sì ń sọ ọ́ tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n ibi kan náà ló kọsẹ̀ sí. «Ẹ mu ún tutù» ní tirẹ̀ jẹ́ ti ohun mímu láìsí àníàní, ó sì kúrú, àmọ́ kò sí ọdún nínú rẹ̀, ó lè wà níta nínú oṣù kẹta bó ṣe lè wà níta nínú oṣù Ọ̀pẹ̀. Mo fi í pa mọ́ fún bánà.

Èyí tó gbà á ni «Ọdún dé ẹnu». Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni, lẹ́tà mẹ́sàn-án. «Ọdún dé» ti wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn lásìkò náà tẹ́lẹ̀, nítorí náà ojú kò ní ṣiṣẹ́ kankan lórí ọ̀rọ̀ méjì àkọ́kọ́, etí inú ti gbọ́ wọn kí ojú tó kà wọ́n tán. Ọ̀rọ̀ kẹta nìkan ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́, ibẹ̀ ni ìgò sì dúró tì í. Àkọlé kò dárúkọ omi ọ̀pẹ̀ òyìnbó, kò sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni mu nǹkan, nítorí ìgò tó ń làágùn tútù lápá ọ̀tún ti sọ ìyẹn. Ohun tí àwòrán bá ti sọ, n kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tún un sọ, àyè ò sí. Àǹfààní mìíràn ni pé kò dárúkọ ọdún kan pàtó, Kérésìmesì ni o, ọdún tuntun ni o, ọjọ́ 10 oṣù kìíní ni o, pátákó kan náà ló ń sìn wọ́n, Mùsùlùmí tó bá sì ń kọjá kò ní rò pé wọn kò bá òun sọ̀rọ̀.

Ọmọkùnrin kan tó wà níbi ìpàdé, tí ó máa ń bójú tó ọjà títà fún wọn, ní ká kúkú kọ ọ́ bí ẹnu ṣe ń sọ ọ́: «Ọdún dẹ́nu». Ó tọ̀nà pé bẹ́ẹ̀ ni a ń sọ ọ́, ó sì dín lẹ́tà kan kù. Mo mú bébà méjì jáde, mo tẹ èyí tó fẹ́ sórí wọn, ọ̀kan pẹ̀lú àmì ohùn, èkejì láìsí àmì kankan, nítorí mo mọ̀ pé láàárín kọ̀ǹpútà mi àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, àmì lè ṣubú. A fi èyí tí kò ní àmì han ìyá kan tó ń ta ohun mímu lẹ́bàá ọ́fíìsì. Ó wò ó, ó ní: «Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ọjà yín ló dẹnu kọlẹ̀ ni?» Ọmọkùnrin náà ní: «Rárá o, ìyá, ẹ má bínú.» Ìbéèrè náà parí níbẹ̀. «Ọdún dé ẹnu» tí a kọ ní kíkún kò ní ewu yìí nínú, nítorí bí gbogbo àmì rẹ̀ bá tilẹ̀ wábi gbà, ODUN DE ENU ṣì máa ń jẹ́ ohun kan náà fún ẹni tó gbọ́ Yorùbá. Fún gbólóhùn gígùn, àwọn ọ̀rọ̀ tó yí ọ̀rọ̀ kan ká yóò ràn án lọ́wọ́ bí àmì rẹ̀ bá sọnù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mẹ́ta kò ní ẹbí kankan nítòsí tí yóò gbà wọ́n sílẹ̀.

Ó ku ọ̀nà ìkọ̀wé. Álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tí wọ́n gbé jáde ní 1975, máa ń lo ɔ àti ɛ níbi tí ìwé Yorùbá ti Nàìjíríà ti ń lo ọ àti ẹ, nítorí náà ohun tí wọ́n ń kọ́ni ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà lọ́dọ̀ wa ni «Ɔdún dé ɛnu». Ọ̀rọ̀ yìí gba ìrònú, kì í ṣe ohun tí a lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Lójú òdiwọ̀n nìkan, Ɔ àti Ɛ ló dára jù, nítorí àrà lẹ́tà fúnra rẹ̀ ló gbé ìyàtọ̀ náà, kò sí àmì kékeré lábẹ́ rẹ̀ tí eruku lè bò tàbí tí etí báàṣì lè ká mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn tó ń ka Yorùbá ní Àjàṣẹ́ ń kà, láti orí ìwé ẹ̀sìn dé orí ohun tó ń kọjá lórí fóònù, láti Nàìjíríà ló ti ń wá, bébà orúkọ tó wà lára ìgò náà pàápàá ti wà ní ọ àti ẹ tẹ́lẹ̀. Bí pátákó bá yàtọ̀ sí ìgò, ẹni tó rí pátákó lè má mọ ìgò lọ́jà. A mú ọ àti ẹ. Ká ní Kétu ni pátákó náà ń lọ, ní ẹ̀gbẹ́ ilé ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ti ń kọ́ni ní álífábẹ́ẹ̀tì ti Bẹ̀nẹ̀, ìdájọ́ mi ì bá yàtọ̀.

Nígbà tí a ti mú èyí, ohun kan wà nínú àkọlé náà tó mú inú mi dùn gidigidi: kò sí lẹ́tà kankan nínú rẹ̀ tó ru àmì ohùn lórí tó tún ru àmì lábẹ́. Lẹ́tà tó bá ru méjèèjì kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, a ní láti fi àmì ohùn lé e lórí gẹ́gẹ́ bí ohun ọ̀tọ̀, ibẹ̀ sì ni fọ́ńtì tí kò mọ Yorùbá ti máa ń gbé àmì náà lọ sórí lẹ́tà kejì, tàbí kó fi àpótí òfìfo rọ́pò rẹ̀. Àwọn lẹ́tà mẹ́rin tó ní àmì nínú àkọlé wa nìyí, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì dá dúró fúnra rẹ̀:

```
Ọ  U+1ECC
Ú  U+00DA
É  U+00C9
Ẹ  U+1EB8
```

Síbẹ̀, n kò fi fáìlì ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà tó ṣì jẹ́ lẹ́tà. Mo yí gbogbo ọ̀rọ̀ padà sí àwòrán ìlà kí ó tó kúrò lọ́wọ́ mi, nítorí kọ̀ǹpútà tó wà níbi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò ní fọ́ńtì mi, yóò sì wá òmíràn fi rọ́pò rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ti yí i padà kí ó fi ọwọ́ tẹ ọ̀rọ̀ náà lójú kọ̀ǹpútà: bí ó bá ṣì lè tún un tẹ̀ bí ẹni tẹ lẹ́tà, a kò tíì yí i padà.

Ìtò ọ̀rọ̀ lórí pátákó gba àyè ju bí ènìyàn ṣe rò lọ, nítorí àmì. Lẹ́tà ńlá Faransé lè fara mọ́ra lórí ìlà, ṣùgbọ́n Ú nílò àyè lókè, Ọ sì nílò àyè nísàlẹ̀. Mo fi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá gíga lẹ́tà sílẹ̀ lókè, mo sì fi ìdá méjì nínú mẹ́wàá sílẹ̀ nísàlẹ̀, tó fi jẹ́ pé ìlà kọ̀ọ̀kan ń jẹ tó ìlọ́po kan ààbọ̀ gíga lẹ́tà. «ỌDÚN DÉ» wà ní ìlà òkè, «ẸNU» wà ní ìlà ìsàlẹ̀. Pẹ̀lú lẹ́tà tó ga ní sẹ̀ńtímítà 60, ìlà òkè fẹ̀ tó mítà 2.76, ìlà méjèèjì sì ga tó mítà 1.8. Bí a bá ṣírò rẹ̀, láti mítà 72 ni yóò ti ṣeé kà, oní-zẹ́mì yóò sì ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà ó lé díẹ̀ fún ọ̀rọ̀ mẹ́ta, èyí tó tó dáadáa. Orúkọ ilé iṣẹ́ wà lábẹ́, ìgò sì dúró láti òkè dé ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún.

Àwọ̀ ni ohun kan ṣoṣo tí a fi jiyàn pẹ́. Wọ́n fẹ́ lẹ́tà funfun lórí yẹ́lò ọ̀pẹ̀ òyìnbó, nítorí pé ó dára lójú ìwé. Àsìkò ọyẹ́ ni àsìkò ọdún wa. Láàárọ̀, eruku ọyẹ́ máa ń so bí aṣọ funfun sójú ọ̀nà, ohun gbogbo tó bá funfun yóò sì wọ inú rẹ̀ lọ. Mo fi fóònù ya fọ́tò bébà méjì, mo yọ gbogbo àwọ̀ kúrò nínú fọ́tò náà kó di dúdú àti funfun nìkan. Ti lẹ́tà funfun lórí yẹ́lò fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ pátápátá, nígbà tí ti lẹ́tà dúdú dúró gbọnyin. Ẹni tó ni ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ní kí á mú dúdú.

Kí a tó sanwó ìtẹ̀wé, a tẹ pátákó náà sórí bébà ní ìdá kan nínú ogún rẹ̀, ìyẹn sẹ̀ńtímítà 20 ní ìbú àti 15 ní gíga, tí lẹ́tà rẹ̀ ga ní sẹ̀ńtímítà 3. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, mo sì ní kí ènìyàn dúró ní mítà 3.6, nítorí pé ìyẹn ni ìdá kan nínú ogún mítà 72. Mo ṣí i, mo ka dé mẹ́rin, mo bò ó, mo sì béèrè ohun tí wọ́n rí, kì í ṣe bóyá ó dára. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan ka àkọlé náà láìtàsé ó sì ní «omi ọ̀pẹ̀ òyìnbó ni». Ẹ̀gbọ́n kan tó ń tún táyà ṣe níwájú ilé wa sọ ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó mọ̀ pé ìgò wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ilé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí lọ́dọ̀ àwọn míì tó tẹ̀ lé e. Nítorí èyí ni mo ṣe gbé orúkọ náà kúrò ní igun ìsàlẹ̀ wá sí abẹ́ «ẸNU» gan-an, níbi tí ojú ti máa ń balẹ̀ sí lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn.

Bánà ti Wándo yàtọ̀, nítorí ibẹ̀ jẹ́ ibi ẹsẹ̀ rírìn. Mo yọ sẹ̀ńtímítà 10 lókè àti 10 nísàlẹ̀ fún ibi tí wọ́n ń ká etí báàṣì mọ́ tí wọ́n sì ń lu ihò okùn sí, ó ku 80. Nígbà tí a bá pín in fún ìlọ́po kan ààbọ̀, lẹ́tà lè ga tó sẹ̀ńtímítà 53, gbogbo àkọlé sì wà lórí ìlà kan tó gùn tó mítà 3.8. Ẹni tí kò bá fi àyè etí yìí sílẹ̀ yóò rí i pé àmì abẹ́ Ọ àti Ẹ ni ìránṣọ kọ́kọ́ máa ń gbé mì. Nínú mítà méjì tó kù, ìgò wà níbẹ̀, «Ẹ mu ún tutù» sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà sẹ̀ńtímítà 12, fún ẹni tó ti dé nǹkan bíi mítà 14 tó sì ń fẹsẹ̀ rìn. Wọ́n ti béèrè pé kí á fi Gun àti Faransé sí i. Mo ní kí bánà kọ̀ọ̀kan ní èdè tirẹ̀, kó sì wà ní ọ̀nà tirẹ̀, nítorí bí èdè mẹ́ta bá pín mítà kan, kò sí èyí tí yóò ṣeé kà láti ibi tó ju nǹkan bíi mítà 21 lọ. Ẹni tó gbọ́ Gun dáadáa ló kọ ti Gun, kì í ṣe pé a túmọ̀ tèmi.

Báàṣì tó wúwo tó gíráàmù 510 fún mítà kan níbùú lóròó ni a lò. A lu ihò okùn sí i ní gbogbo sẹ̀ńtímítà 50, lókè àti nísàlẹ̀, nítorí bánà tí a bá so ní igun mẹ́rin nìkan yóò gbẹ̀ ní àárín, «DÉ» yóò sì wà nínú kòtò. Àwọn tó ń so ó fẹ́ fi ọ̀bẹ gé ihò afẹ́fẹ́ sí i bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. A fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí wọ́n lè gé, láàárín ọ̀rọ̀ àti ọ̀rọ̀, nítorí ihò kékeré kan lórí É lè sọ ọ́ di ohun tí kò ní àmì mọ́. Lẹ́yìn tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ti fẹ́ dáadáa, okùn apá kan dẹ̀, a sì tún un fà.

Nígbà tí a tú wọn sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 10 oṣù kìíní, a kò ká wọn bí aṣọ, a yí wọn mọ́ páìpù pẹ̀lú ojú ọ̀rọ̀ níta, kí yíǹkì má baà sán níbi tí báàṣì bá ti ṣẹ́. Kò sí nọ́ńbà ọdún lára wọn, nítorí náà wọ́n ti wà nínú yàrá ẹrù ilé iṣẹ́ náà báyìí, wọ́n ń dúró de oṣù Ọ̀pẹ̀ tó ń bọ̀.